Igun Rọ́ọ̀gì Tí Omi Eérú Kàn

Sìlífátù ti ìka kan bọ inú omi eérú, ó gbé e sí ṣóńṣó ahọ́n, ó di ojú. Ó dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tu itọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó nu ìka náà mọ́ etí ìró, ó bu omi náà sínú ìgò kékeré, ó sì dé e pa.

Ó ta ahọ́n tó.

Bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń ṣe nìyẹn kó tó da omi eérú sínú ìkòkò aró. Kò sí òṣùwọ̀n, kò sí aago. Ahọ́n ni òṣùwọ̀n. Nígbà tí Sìlífátù wà lọ́mọdé, ìkòkò aró mẹ́sàn-án ló wà lẹ́yìn ilé wọn ní Ìtòkú. Ní ọdún 1982 tí à ń wí yìí, méjì ló kù, ọ̀kan nínú méjèèjì sì ti sán. Aró inú agolo ti gba ìlú. Láàárín wákàtí kan ó ti jinná, ta ló tún fẹ́ dúró ti ewé ẹ̀lú fún ọjọ́ méje? Àwọ̀ aró ṣì wà lábẹ́ èékánná Sìlífátù, kò sì jọ pé yóò kúrò níbẹ̀ mọ́ láyé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó kù fún un nínú ogún ìyá rẹ̀ ni omi eérú. Òun ló fi ń fọ aṣọ tábìlì tí ọbẹ̀ dà sí. Òun ló fi ń fọ ilẹ̀ símẹ́ńtì. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè ohun tó wà nínú ìgò náà, ohun tó máa ń sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ:

"Omi eérú. Kì í ba nǹkan jẹ́."

Ó ju ìgò náà sínú abọ́ ike rẹ̀, ó gbé abọ́ náà rù, ó gba ọ̀nà Ìbarà lọ.

Ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni ó ń lọ tún ilé ṣe fún Màmá Tíṣà: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́bọ̀ àti Sátidé. Harriet Ọlálẹ́yẹ ni orúkọ màmá náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún mọ́kànlélógún kó tó fẹ̀yìn tì. Sìlífátù fúnra rẹ̀ jókòó níwájú rẹ̀ rí, fún ọdún mẹ́ta péré, kí ìyá rẹ̀ tó wá mú un kúrò láàárín ẹ̀kọ́ pé aró ń dúró de ọwọ́. Ní ọdún tí ìkòkò keje fọ́, Sìlífátù wá ilé ìyá náà lọ láti béèrè iṣẹ́. Màmá Tíṣà gbé awò ojú rẹ̀ sókè, ó wò ó.

"Sìlífátù. Kíláàsì kẹta. O kì í kọ lẹ́tà 'b' kí ó kọjú síbi tó yẹ."

"Ó ti kọjú síbẹ̀ báyìí, mà."

Bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Àwọn méjì ló ń gbé inú ilé náà: Màmá Tíṣà àti ajá kan tó ń jẹ́ Sájẹ́ńtì. Ajá Bàbá Herbert, ọkọ ìyá náà, ni. Ó ti darúgbó. Irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀ kan kì í tètè dìde, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan géètì lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, ohùn rẹ̀ ṣì lè dé Kúto. Sìlífátù kì í fọwọ́ kàn án. Mùsùlùmí ni, ojúmọ́ kan kì í mọ́ kó má kírun. Ó máa ń gba ẹ̀gbẹ́ ajá náà kọjá bí ẹni tó ń kọjá lára iná, ó ń ká ìró rẹ̀ sókè. Kì í pe orúkọ rẹ̀. "Ìwọ yìí" ló ń pè é. "Ìwọ yìí, sún." Ajá náà a sún.

Ní oṣù Kẹfà, lẹ́yìn òjò ńlá kan, Sájẹ́ńtì rìn wọ pálọ̀ láti ẹ̀yìnkùlé, ẹrẹ̀ pupa dé orókùn rẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì tó bo pálọ̀ náà láti ògiri dé ògiri, aláwọ̀ eérú ni, ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá Tíṣà bí, Olúṣẹ̀yẹ tó wà ní Èkó, ló rà á, tí ó sì pe àwọn tó wá tẹ́ ẹ. Ipa ẹsẹ̀ ajá wà lórí rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí àga, ìka mẹ́rin-mẹ́rin, bí òdòdó. Màmá Tíṣà ti sáré mú àkísà tútù, ó fẹ́ nù ún.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má fọwọ́ kàn án," ni Sìlífátù wí. "Bí ẹ bá nu ẹrẹ̀ tútù, ẹ ń fi kun kápẹ́ẹ̀tì ni. Ẹ jẹ́ kó gbẹ."

Wọ́n jẹ́ kó gbẹ. Títí di ọ̀sán ni. Nígbà tó gbẹ tán, Sìlífátù fi ẹ̀yìn ṣíbí fọ́ ọ, ó fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ̀n ọ́n jáde, ó gbá ìyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ kó. Èyí tó kù kò ju òjìji lọ. Ó po ọṣẹ oníyẹ̀fun mọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́, ó kán omi eérú díẹ̀ sí i, ó fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ ọ́ láìṣojo, ó fi omi mímọ́ nu ọṣẹ náà kúrò, ó sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ ẹ́. Ó ṣí fèrèsé. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ó ti gbẹ, bí ẹni pé ajá kan kò gba ibẹ̀ kọjá rí.

Ipa ẹsẹ̀ kan ló kù, lábẹ́ àga, tí Sìlífátù kò rí. Olúṣẹ̀yẹ rí i ní Sátidé tó tẹ̀lé e. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó, ó dìde.

"Màmá, ajá yìí ti gbó. Ó ti tó àkókò."

"Èmi náà ti gbó."

"Màmá, mi ò ṣeré. Ẹ wo kápẹ́ẹ̀tì. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Lọ́la, rọ́ọ̀gì Bàbá ló máa kàn. Bó bá ba rọ́ọ̀gì Bàbá jẹ́, màá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Abẹ́rẹ́ kan ni. Kò ní mọ̀ ọ́n lára."

Màmá Tíṣà ń wo ajá náà, ajá náà ń wo ìlẹ̀kùn.

"Ẹ ṣèlérí fún mi," ni Olúṣẹ̀yẹ wí.

"Bó bá ba rọ́ọ̀gì bàbá rẹ jẹ́," ni ìyá náà wí, "gbé e lọ."

Sìlífátù wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná pẹ̀lú agbada tí ó ń nù. Ó gbọ́. Ó mọ̀ pé Màmá Tíṣà kì í purọ́, kì í sì í yẹ àdéhùn. Bí ó ti ń nu agbada náà, ó ń nù ún títí tó fi gbàgbé pé ó ti gbẹ.

Rọ́ọ̀gì tí wọ́n ń sọ yìí wà nínú yàrá kékeré tí Bàbá Herbert fi ń kàwé. Pupa ni, òdòdó aláwọ̀ aró wà lára rẹ̀ káàkiri. Nígbà tí bàbá náà ń kọ́ iṣẹ́ omi ẹ̀rọ nílùú òyìnbó ló rà á, tó sì ká a wálé nínú ọkọ̀ ojú omi. Orí rẹ̀ ló ń kúnlẹ̀ sí láràárọ̀ láti gbàdúrà, fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ojú orókùn rẹ̀ méjèèjì ti jin sínú rẹ̀, ní iwájú àga. Nígbà tí Sìlífátù bá ń gbá yàrá náà, ó máa ń yí ìgbálẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún un pé kó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀lé ìlérí náà, Sìlífátù dé pẹ̀lú ìgò omi eérú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tọ́ wò láàárọ̀. Màmá Tíṣà dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré náà, ọwọ́ rẹ̀ bo ẹnu.

"Ẹ kú àárọ̀, mà. Kí ló dé?"

"Sájẹ́ńtì ti bì."

"Síbo?"

Ìyá náà yẹ̀ fún un.

Ajá náà ti jẹ koríko, lẹ́yìn koríko ó ti jẹ ohun mìíràn tí ẹnì kankan kò fẹ́ mọ̀. Èébì náà wà ní iwájú àga, ó yọ́, ó pọ́n bí omi ọsàn tó kan, ó sì fẹ̀ tó àwo oúnjẹ. Ó ti kan ojú orókùn ọ̀tún. Sájẹ́ńtì dùbúlẹ̀ sí kọ̀rọ̀, ó ti orí bọ abẹ́ tábìlì. Ó dà bíi pé ó mọ̀.

"Ọ̀túnla ni Ṣẹ̀yẹ ń bọ̀," ni Màmá Tíṣà wí.

"Mo mọ̀, mà."

"Mi ò ní purọ́ fún un."

"Kò sẹ́ni tó ní kẹ́ ẹ purọ́, mà. Ẹ bá mi wá ṣíbí tí ẹ kò lò mọ́, àti ìwé ìròyìn àtijọ́. Àti aṣọ funfun. Funfun o, mà. Èyí tó ní àwọ̀ yóò fi àwọ̀ tirẹ̀ síbẹ̀."

Ó ká ìró rẹ̀ sí àárín ẹsẹ̀, ó kúnlẹ̀. Ó sọ bísímílà. Ó kó èébì náà láti etí wá sí àárín, díẹ̀díẹ̀, kó má baà tàn kálẹ̀. Ó dà á sórí ìwé ìròyìn. Ó fi aṣọ funfun tẹ ibẹ̀, ó gbé e kúrò, ó yí i padà, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò nù ún. Aṣọ náà ń mu omi náà, ó ń di olómi ọsàn. Nígbà tí aṣọ kẹta kò mu nǹkan mọ́, àpá ṣì wà níbẹ̀, fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, òórùn sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ó nawọ́ sí ìgò omi eérú. Ó fi omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ là á, bó ṣe ṣe fún ẹrẹ̀ pálọ̀.

Níbí ni ọwọ́ ìyá rẹ̀ ti gbà á là. Nílé aró, wọn kì í ri odindi aṣọ bọ ìkòkò tí wọn kò tíì tọ́ wò. Ìdí aṣọ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rì, ìwọ̀n ìka méjì, níbi tí ìró yóò bò. Sìlífátù kò rò ó. Ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló kúrò lójú èébì náà, tó lọ sí igun rọ́ọ̀gì tó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ tábìlì. Ó da díẹ̀ síbẹ̀. Ó dúró bí ẹni tó ka ọgọ́rùn-ún mẹ́ta. Ó fi aṣọ funfun tẹ̀ ẹ́.

Aṣọ náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀.

Ó fi ìka kan ibẹ̀. Rọ́ọ̀gì náà ń yọ̀ bí ilá. Ó fa díẹ̀ níbẹ̀, ó tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀ wá.

Ọdún mẹ́rìnlélógójì ló ti ń fọwọ́ kan omi eérú, kò rí i kó ba aṣọ kan jẹ́ rí. Òwú ni gbogbo aṣọ tó mọ̀. Òwú gbọ́ èdè eérú. Kí ni èyí?

"Ṣé ó ń lọ?" Màmá Tíṣà béèrè láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan, mà."

Ó bu omi tútù lé igun náà, ó fi aṣọ tẹ̀ ẹ́, ó tún bù ú lé e. Ó dìde. Ó fa fọ́nrán kan ṣoṣo láti ìdí rọ́ọ̀gì náà, ó lọ sí pálọ̀, ó fa fọ́nrán mìíràn láti etí kápẹ́ẹ̀tì níbi tí ògiri bò ó. Ó kó méjèèjì lọ sí ilé ìdáná, ó ṣáná. Bí àwọn aláṣọ ní Ìtòkú ṣe ń mọ ayédèrú nìyẹn nígbà tí oníṣòwò bá ń búra.

Ó kọ́kọ́ jó ti pálọ̀. Ó ká jọ, ó yọ́, ó kán, ó sì di ẹ̀rún dúdú líle kan tí èékánná kò lè fọ́. Ike ni. Bí abọ́ rẹ̀, bí garawa. Abájọ tí kò fi ka nǹkan sí.

Ó jó ti rọ́ọ̀gì. Kò yọ́. Ó jó lọ́ra, ó fẹ́ẹ̀ kú, ó di eérú tó fọ́ lẹ́yẹ-ò-sọkà láàárín ìka méjì. Òórùn rẹ̀ sì gba ilé ìdáná kan. Sìlífátù mọ òórùn náà. Gbogbo obìnrin tó ti fi kóòmù gbígbóná na irun rí ló mọ̀ ọ́n.

"Màmá," ó pariwo, "irun ni o!"

"Kí ni irun?"

"Rọ́ọ̀gì Bàbá. Irun ẹranko ni."

"Irun àgùntàn ni. O kò mọ̀ tẹ́lẹ̀?"

"Ẹ ò sọ fún mi, mà."

"O kò béèrè. Ọmọ kíláàsì kẹta."

Sìlífátù rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé aṣọ tó pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ náà wá, ó fi í han ìyá náà, ó sì mú un lọ wo igun náà. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án.

"Ìwọ̀n ìka méjì."

"Ìwọ̀n ìka méjì, mà. Mo tọ́ ọ wò ni. Ká ní mo ti dà á sójú ibẹ̀ yẹn…"

Àwọn méjèèjì wo ojú orókùn náà.

"Ó dáa," ni Màmá Tíṣà wí. "Ó dáa. Báwo ni a ṣe ń fọ irun?"

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ padà nìyẹn. Kò sí omi gbígbóná: omi gbígbóná a máa mú irun àgùntàn lọ́ jọ, kì í sì í nà padà. Kò sí ọṣẹ oníyẹ̀fun, kò sí omi eérú. Kò sí búrọ́ọ̀ṣì. Màmá Tíṣà mú ọṣẹ olómi tó fi ń fọ irun orí rẹ̀ wá, Sìlífátù kán an bíi ṣíbí tíì kan sínú omi tútù, ó rú u. Ṣùgbọ́n igun náà ló kọ́kọ́ tọ́jú. Ó ṣì ń yọ̀, Sìlífátù sì mọ ohun tó máa ń pa eérú: ohun kíkan. Nílé wọn, bí omi eérú bá ta síni lọ́wọ́, wọ́n á fi omi ṣàn án dáadáa, wọ́n á wá fi omi ògì pa á.

"Ẹ ní nǹkan kíkan nílé, mà? Tí kò ní àwọ̀?"

"Fínígà wà. Èyí tí mo fi ń jẹ sàláàdì."

Ó po ìdá kan fínígà mọ́ ìdá mẹ́ta omi, ó fi kan igun náà. Yíyọ̀ náà dúró. Pupa náà kò jáde mọ́. Ohun tó ti bàjẹ́ ti bàjẹ́, ṣùgbọ́n kò tún rìn síwájú.

Lẹ́yìn náà ló tó padà sí ojú èébì náà. Ó tọ́ omi ọṣẹ náà wò ní igun kejì, ìwọ̀n ìka kan. Aṣọ náà funfun. Ó tọ́ omi fínígà wò. Aṣọ náà funfun. Ó wá ki aṣọ bọ omi ọṣẹ, ó fún un kí ó má ṣe kán sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ láti etí wá sí àárín. Ó tẹ̀ ẹ́, kò nù ún. Ó fi aṣọ omi mímọ́ tẹ ọṣẹ kúrò. Ó fi omi fínígà tẹ̀ ẹ́ nítorí òórùn. Ó tún fi omi mímọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ló ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Omi tó ń dà nù ń funfun sí i. Nígbà tó yá, ó fi imú kan rọ́ọ̀gì náà bí ẹni tó forí kanlẹ̀. Fínígà nìkan ló gbọ́.

"Yóò lọ bó bá gbẹ," ó wí.

Wọ́n tẹ́ aṣọ ìnura méjì lé e. Màmá Tíṣà bọ́ bàtà rẹ̀, ó gun orí aṣọ ìnura náà, ó dúró.

"Mà, èmi ni mo yẹ kí n dúró síbẹ̀."

"Ìwọ ò wúwo tó mi. Fi mí sílẹ̀."

Ìyá ọgọ́rin ọdún dín méjì dúró síbẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀ ojú irin ní Láfẹ́nwá, aṣọ ìnura ń mu omi lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ aṣọ ìnura, ó tún gùn ún. Lẹ́yìn náà wọ́n fi àpótí méjì gbé etí rọ́ọ̀gì náà sókè kí afẹ́fẹ́ lè gba abẹ́ rẹ̀, wọ́n sì kọ ojú fáànù sí i.

Fáànù náà yí fún ìdajì wákàtí. Iná lọ.

Sìlífátù wá abẹ̀bẹ̀ méjì, ó fún ìyá náà lọ́kan. Wọ́n jókòó sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kìíní kejì rọ́ọ̀gì náà, wọ́n ń fẹ́ ẹ bí ìgbà tí wọ́n ń fẹ́ aláìsàn. Ajá náà yọ orí jáde lábẹ́ tábìlì. Kò pẹ́, ó sùn.

"Nígbà tí Herbert kú," ni Màmá Tíṣà wí, "ọjọ́ mẹ́rin ni ajá yìí kò fi jẹun. Ó dùbúlẹ̀ síbí yìí."

Sìlífátù ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀.

"Èmi jẹun," ni ìyá náà wí.

Ọjọ́ Jímọ̀ kì í ṣe ọjọ́ iṣẹ́ Sìlífátù, ṣùgbọ́n ó wá. Òòrùn là lójijì lẹ́yìn òjò òwúrọ̀, Màmá Tíṣà fẹ́ kí wọ́n gbé rọ́ọ̀gì náà jáde sórí odi. Sìlífátù kọ̀.

"Rárá o, mà. Òòrùn yóò mú àwọ̀ rẹ̀. Aṣọ aró gan-an, ibòji la ń sá a sí."

Ní ìrọ̀lẹ́ ó gbẹ tán, títí dé ìdí. Ó wá búrọ́ọ̀ṣì tó rọ̀ jù nínú ilé, èyí tí Bàbá Herbert fi ń gbọn kóòtù rẹ̀, ó fi gbá irun rọ́ọ̀gì náà sí apá ibi tó kọjú sí tẹ́lẹ̀. Ojú orókùn méjèèjì wà níbẹ̀. Ó wò wọ́n láti ibi ìlẹ̀kùn, ó wò wọ́n láti ibi fèrèsé, kò rí àpá. Ó wá yí ojú sí igun náà. Ó ti gbẹ, ó ti le, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí bí ewé tó kú. Ẹsẹ̀ tábìlì bò ó dé ìdajì. Bí ó bá sún tábìlì náà díẹ̀, kò sẹ́ni tí yóò rí i. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì náà fún ìgbà díẹ̀. Kò sún un.

Ní Sátidé, ọkọ̀ Olúṣẹ̀yẹ dé ní agogo mẹ́wàá. Ó kí ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Ó kí Sìlífátù.

"Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí Sìlífá."

"Ẹ kú ọ̀nà, Bọ̀dá Ṣẹ̀yẹ."

Kò tíì jókòó tí Màmá Tíṣà fi wí pé:

"Sájẹ́ńtì bì sórí rọ́ọ̀gì bàbá rẹ ní Ọjọ́bọ̀."

Olúṣẹ̀yẹ wò ó. Ó wo ajá náà, tó ń gbá ìrù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan mọ́lẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Màmá."

"Mi ò ní fi pamọ́ fún ẹ. Àdéhùn wa ni pé bó bá bà á jẹ́. Lọ wò ó. Bó o bá rí ibi tó bàjẹ́, gbé e lọ."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá kékeré náà, bí bàbá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ní kékeré. Sìlífátù dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, abọ́ rẹ̀ ní ìbàdí. Ó rí i tí ó rìn yí rọ́ọ̀gì náà ká. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ pa á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó fi imú kàn án. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dé ojú orókùn, ó dúró síbẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀ ju ibi tó kù lọ. Lẹ́yìn náà ó tẹ̀ síwájú, ó dé ẹ̀yìn ẹsẹ̀ tábìlì.

"Hẹ̀n-ẹ́n," ó wí. "Mo rí i. Ibí yìí nìyí."

Màmá Tíṣà di ojú.

"Rárá o, Bọ̀dá Ṣẹ̀yẹ," ni Sìlífátù wí.

Ó wọlé, ó gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Ibẹ̀ yẹn kì í ṣe ajá. Èmi ni. Omi eérú ni mo dà síbẹ̀. Mi ò mọ̀ pé irun ni. Mo rò pé ó dà bí ti pálọ̀."

"Àǹtí Sìlífá, ẹ kò ní láti torí ajá…"

"Mi ò torí ajá. Èmi àti ajá kì í ṣe ọ̀rẹ́." Ó mú ìgò kékeré náà jáde, ó gbé e síwájú rẹ̀. "Òun nìyí. Ibi tí ajá bì sí kò sí níbẹ̀ yẹn rárá."

"Níbo ló wà?"

"Ẹ ti fọwọ́ kàn án kọjá."

Olúṣẹ̀yẹ wo ìgò náà. Ó yí padà, ó tún wo rọ́ọ̀gì náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó tún fi ọwọ́ pa á. Kò rí nǹkan.

"Ó ti yé mi," ni Màmá Tíṣà wí láti ẹnu ọ̀nà. Ohùn ọ̀gá ilé ìwé ló fi sọ ọ́. "Àdéhùn ni àdéhùn. Ẹni tó ba rọ́ọ̀gì jẹ́ ni kó o gbé lọ. Sìlífá, dìde, wọ ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ kan ni. O ò ní mọ̀ ọ́n lára."

Ejìká Olúṣẹ̀yẹ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ń rẹ́rìn-ín, ó sì tún nu ojú lẹ́yìn tí ẹ̀rín ti tán.

"Màmá, ẹ ti ṣẹ́gun," ó wí.

Ó jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ lórí rọ́ọ̀gì náà. Sájẹ́ńtì rọra wọlé, ó fa ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ̀lé ara, ó dúró létí rọ́ọ̀gì bí ẹni tó ń béèrè. Olúṣẹ̀yẹ kò lé e, kò sì pè é. Ó fi ọwọ́ kan gbá ilẹ̀ símẹ́ńtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ajá náà dùbúlẹ̀ síbẹ̀.

Sìlífátù gbá ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó fọ abọ́ tí wọ́n fi jẹun. Bàtà Olúṣẹ̀yẹ ti kó ẹrẹ̀ wọ orí kápẹ́ẹ̀tì pálọ̀. Ó jẹ́ kó gbẹ, ó gbá a. Nígbà tí iṣẹ́ tán, ó lọ kí ìyá náà.

"Mo ń lọ, mà."

"Igun yẹn," ni Màmá Tíṣà wí.

"Mà?"

"Mi ò ní kí o tún un ṣe o. Mo kàn ń sọ pé mo ń rí i." Ó ti awò ojú rẹ̀ sókè. "Ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Bí Ọlọ́run bá fẹ́, mà."

Ó gbé abọ́ rẹ̀ rù. Ìgò omi eérú ń kọlu ike abọ́ ní gbogbo ìṣísẹ̀. Ajá náà dìde, ó tẹ̀lé e gba àgbàlá kọjá, ó tẹ̀lé e dé géètì. Sìlífátù ṣí géètì, ó jáde, ó yíjú padà.

"Ìwọ yìí," ó wí. "Padà sílé."

Ajá náà dúró. Sìlífátù ti géètì pa, ó rí ọwọ́ rẹ̀ tó ti gbéra sókè bí ẹni tó fẹ́ juwọ́ sí ajá náà, ó sọ ọ́ kalẹ̀, ó sì gba ọ̀nà Ìtòkú lọ.